Bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè kọ lẹ́tà sí olùkọ́ tí máàkì kẹ́mísírì rẹ̀ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn

Kì í ṣe ohun tuntun mọ́ pé bí èsì ìdánwò bá ti jáde ní àwọn yunifásítì wa, ẹkún àti ẹ̀rín ló máa ń pàdé lójú kan. Ní Sẹkọnà, tó wà lójú ọ̀nà tó so Ẹdẹ pọ̀ mọ́ Ilé-Ifẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé ìwé gíga kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní apá kan wọn, Pólì Ìjọba Àpapọ̀, Yunifásítì Redeemer's àti Yunifásítì Adélékè sì wà ní Ẹdẹ ní apá kejì. Ọmọ tó bá sì ń ka sáyẹ́ǹsì nínú wọn kò lè sá fún kẹ́mísírì onífísíìsì, ìyẹn ẹ̀ka kẹ́mísírì tó ń fi ìṣirò wo bí ooru, agbára àti àkókò ṣe ń darí ìyípadà àwọn èròjà. Ìdánwò rẹ̀ kún fún ìṣirò, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì ka ìwé rẹ̀ dáadáa máa ń mọ ohun tó yẹ kí òun gbà kí èsì tó jáde. Bí èsì náà bá wá yàtọ̀ pátápátá sí ohun tó ti ṣírò, kí ni kí ó ṣe?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe kò ju mẹ́ta lọ. Àwọn kan á dákẹ́, wọ́n á ní àwọn kò fẹ́ kí olùkọ́ dá ojú sọ àwọn. Àwọn kan á lọ kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì olùkọ́, wọ́n á máa sọ pé kí ó ṣàánú àwọn. Àwọn kan á wá ẹni ńlá tó mọ olùkọ́ náà, ìbáà ṣe àlùfáà, ìbáà ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, kí ó bá wọn sọ̀rọ̀. Kò sí èyí tó ń tún máàkì yẹ̀ wò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó ń mú kí olùkọ́ padà ṣí ìwé ìdáhùn ni lẹ́tà tó tọ́ka sí ibì kan pàtó nínú ìwé náà, tó sì sọ ohun tí ó yẹ kí ó wò níbẹ̀. Bí lẹ́tà náà kò bá ti lè ṣe èyí, ẹ̀bẹ̀ lásán ni, bó ti wù kí gírámà inú rẹ̀ dùn tó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí máàkì ṣe ń di èsì, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, máàkì kóòsì kan kì í ti inú ìdánwò àṣekágbá nìkan wá. Apá kan máa ń jẹ́ ti tẹ́ẹ̀sì àti iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láàrin sáà, tí ó sábà máa ń jẹ́ 30 tàbí 40 nínú 100, ìyókù ni ti ìdánwò. Olùkọ́ á máàkì ìwé ìdáhùn, á kọ máàkì ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn ìwé, á rò wọ́n pọ̀, á ro máàkì tẹ́ẹ̀sì mọ́ ọn, á sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ sórí ìwé èsì. Ní ìgbà tí kíláàsì bá ní akẹ́kọ̀ọ́ ọgọ́rùn-ún méjì tàbí mẹ́ta, iṣẹ́ àròpọ̀ lásán ti tó láti mú kí ojú èèyàn dúdú. Ojú ìwé kan lè lẹ̀ mọ́ òmíràn, kí olùkọ́ má sì rí i. Máàkì ìbéèrè kan lè wà nínú ìwé, kí ó má sí ní ẹ̀yìn rẹ̀. Máàkì tẹ́ẹ̀sì lè má wọlé rárá, pàápàá fún akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ ní ìlànà tó yàtọ̀. Eléyìí tó kẹ́yìn ni ó rọrùn jù láti fi ẹ̀rí hàn, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tí òun gbà nínú tẹ́ẹ̀sì, ìwé tẹ́ẹ̀sì náà sì sábà máa ń padà sí ọwọ́ rẹ̀.

Àmọ́ irú àṣìṣe kan wà tó jẹ́ ti kẹ́mísírì onífísíìsì gan-an, òun ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Olùkọ́ máa ń ní àtẹ ìdáhùn tí ó fi ń máàkì, níbi tí ó kọ ìdáhùn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sí àti iye máàkì tó wà fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nínú ìṣirò, iye tó wà lórí àtẹ yẹn jẹ́ iye kan ní ẹyọ ìwọ̀n kan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe ìṣirò náà dáadáa ṣùgbọ́n tó fi ìṣẹ́jú àáyá dáhùn nígbà tí àtẹ olùkọ́ fi ìṣẹ́jú dáhùn, iye tí yóò kọ kò ní jọ ti olùkọ́ rárá. Ẹni tó ti máàkì ìwé àádọ́jọ kí ó tó dé orí ìwé yẹn, ojú rẹ̀ yóò kàn sáré wo iye tó kẹ́yìn ni, yóò sì fa igi lé e.

Ẹ jẹ́ kí a fi akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, ká ní ilé wọn wà ní Sẹkọnà, tó ń lọ sí yunifásítì láti ilé. Àpẹẹrẹ lásán ni o, kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni. Ìdánwò wọn jẹ́ 70, ìbéèrè márùn-ún ni wọ́n ní kí wọ́n dáhùn, máàkì mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá ló wà fún ìkọ̀ọ̀kan. Tẹ́ẹ̀sì jẹ́ 30, ó sì gba 22 nínú rẹ̀. Èsì jáde, wọ́n fún un ní 57. Ẹni tó bá mọ ìṣirò á ti rí i pé 35 ni wọ́n fún un nínú ìdánwò, ìyẹn ìdajì géérégé. Ọmọ yìí ní ojú òun kò gbà á, nítorí ìbéèrè kẹta dá òun lójú.

Ìbéèrè kẹta náà lọ báyìí: èròjà kan ń túká ní ìlànà ìpele kìíní, ìyẹn ni pé bí èròjà náà bá ṣe pọ̀ tó ni ìtúká rẹ̀ ṣe ń yára tó. Láàrin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ti túká. Máàkì mẹ́fà wà fún ẹni tó bá wá iye k tó ń sọ bí ìtúká náà ṣe yára tó, máàkì mẹ́ta wà fún àkókò tí ìdajì rẹ̀ yóò fi túká, márùn-ún sì wà fún àkókò tí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún yóò fi túká. Ìbéèrè náà kò sọ ẹyọ ìwọ̀n tí kí wọ́n fi dáhùn. Bí a bá fi ìṣẹ́jú ṣe é, bí yóò ṣe rí nìyí:

```
k    = (1/30) × ln(100/60) = 0.0170 min⁻¹
t½   = 0.693 / k           = 40.7 min
t90  = 2.303 / k           = 135 min
```

Ẹ kíyè sí i pé 60 ló wà nísàlẹ̀ nínú àkámọ́, kì í ṣe 40. Ohun tó kù ni à ń wò, kì í ṣe ohun tó ti lọ. Ọ̀pọ̀ ń ṣubú síbẹ̀, a ó padà sí i. Ọmọ tiwa yìí kò ṣubú síbẹ̀. Ó kọ 60, ṣùgbọ́n ó ti sọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú di 1,800 ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí olùkọ́ tó kọ́ wọn ní ọdún tó ṣáájú máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lo ìwọ̀n tí gbogbo ayé fẹnu kò sí. Ohun tó kọ ni:

```
k    = (1/1800) × ln(100/60) = 2.84 × 10⁻⁴ s⁻¹
t½   = 2,440 s
t90  = 8,110 s
```

Ẹni tó bá fi ọgọ́ta pín 2,440 yóò rí i pé 40.7 ni, bẹ́ẹ̀ náà ni 8,110 jẹ́ 135. Ìdáhùn kan náà ni wọ́n, aṣọ tí wọ́n wọ̀ ló yàtọ̀. Bí ẹni tó máàkì bá fún un ní máàkì ọ̀nà ìṣirò nìkan, ká ní 5 nínú 14, a jẹ́ pé mẹ́sàn-án ti sọnù. Mẹ́sàn-án lórí 57 jẹ́ 66. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, 50 sí 59 ni C, ó sì ní pọ́ìntì 3. 60 sí 69 ni B, ó sì ní pọ́ìntì 4. Bí kóòsì náà bá jẹ́ yúníìtì 3, pọ́ìntì 9 ni ọmọ náà ní tẹ́lẹ̀, 12 ni yóò di. Kò dà bí ohun tó pọ̀ lójú ẹni tó wà nílé, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní etí ààlà láàrin ìpele kejì ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ mọ ohun tí pọ́ìntì mẹ́ta lè ṣe, nítorí iṣẹ́ mìíràn kò ní wo ojú ẹni tí kò bá ní ti òkè.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa, akẹ́kọ̀ọ́ kì í rí ìwé ìdáhùn rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tó bá ti fi í sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Kò sí bó ṣe lè mọ̀ dájú pé 5 ni wọ́n fún òun. Ó lè jẹ́ pé 14 ni, kó sì jẹ́ pé ìbéèrè mìíràn ló bà á jẹ́. Ìdí nìyí tí kò fi gbọ́dọ̀ kọ sínú lẹ́tà pé wọ́n fi máàkì òun dù òun. Ohun tó mọ̀ ni ohun tó kọ, ohun tó mọ̀ náà ni kí ó kọ sínú lẹ́tà. Ẹni tó bá gbọ́n yóò ti máa kọ ìdáhùn rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìbéèrè bí ó bá ti jáde, níbi tí wọ́n bá ti ń gba ìwé ìbéèrè láàyè láti bá akẹ́kọ̀ọ́ lọ ilé. Bí wọn kò bá gbà á láàyè, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé mìíràn ní ọjọ́ kan náà. Ohun tí èèyàn rántí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kì í ṣe ohun tó kọ mọ́, ohun tó wù ú kí ó jẹ́ òun ló kọ ni.

Èdè òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ irú lẹ́tà yìí ní ilé ìwé, ṣùgbọ́n bí àkóónú rẹ̀ bá ṣe rí ní Yorùbá ni yóò ṣe rí ní èdè náà. Bí ọmọ tí a ń sọ yìí bá fẹ́ kọ tirẹ̀, ó lè lọ báyìí:

"Sí Dókítà (orúkọ olùkọ́), Ẹ̀ka Kẹ́mísírì. Nípasẹ̀ olùdámọ̀ràn kíláàsì wa. Ìbéèrè fún àtúnyẹ̀wò ìbéèrè kẹta nínú ìdánwò (nọ́ńbà kóòsì), sáà kìíní.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Orúkọ mi ni (orúkọ), nọ́ńbà ìdánimọ̀ mi ni (nọ́ńbà), mo sì wà ní ìpele kejì. Èsì tí wọ́n lẹ̀ ní ọjọ́ (déètì) fi hàn pé mo gba 57. Mo ní 22 nínú tẹ́ẹ̀sì, ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú lẹ́tà yìí.

"Mo bẹ̀ yín kí ẹ bá mi tún wo ìdáhùn mi sí ìbéèrè kẹta, èyí tó dá lórí ìtúká ìpele kìíní. Ìṣẹ́jú àáyá ni mo fi ṣe ìṣirò náà, kì í ṣe ìṣẹ́jú. Bí mo bá rántí dáadáa, mo kọ k = 2.84 × 10⁻⁴ s⁻¹, t½ = 2,440 s àti t90 = 8,110 s. Bí a bá sọ wọ́n di ìṣẹ́jú, wọ́n jẹ́ 0.0170 min⁻¹, 40.7 min àti 135 min. Ìbéèrè náà kò sọ ẹyọ ìwọ̀n tí a óò lò. Mo tún bẹ̀ yín kí ẹ bá mi wò ó bóyá àròpọ̀ tó wà lẹ́yìn ìwé bá ti inú rẹ̀ mu.

"Mo ṣe tán láti gba ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀. Bí ó bá sì yẹ kí n gba ọ̀nà mìíràn mú ìbéèrè yìí wá, inú mi yóò dùn bí ẹ bá lè tọ́ mi sọ́nà. Ẹ ṣé, sà."

Lẹ́tà náà kò ju ojú ìwé kan lọ. Olùkọ́ tó bá kà á kò ní láti ro ohun tí ọmọ yìí ń fẹ́, yóò kàn fa ìwé rẹ̀ yọ, yóò ṣí ìbéèrè kẹta, yóò sì fi ọgọ́ta pín iye tó bá níbẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ẹ tún wò ó pé kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Bí àṣìṣe bá wà, ó ti fún olùkọ́ ní ọ̀nà láti ṣàtúnṣe rẹ̀ láì tẹ́ lójú akẹ́kọ̀ọ́, bí kò bá sì sí àṣìṣe, ọmọ náà kò tíì sọ ọ̀rọ̀ tí yóò fi tijú. Èmi gbà pé gbólóhùn tó sọ pé ìbéèrè náà kò sọ ẹyọ ìwọ̀n ni agbára lẹ́tà yẹn. Bí ìbéèrè bá ti sọ pé kí wọ́n fi ìṣẹ́jú dáhùn, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn, kí ọmọ náà má wulẹ̀ kọ ọ́, nítorí ìlànà ni kò tẹ̀ lé.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ pọ̀ ju ohun tó yẹ kí ó wà lọ. Kò gbọ́dọ̀ sọ pé òun kò sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdánwò tó dé. Kò gbọ́dọ̀ sọ pé bàbá òun ti kú, pé ìyá òun ń ta gààrí kí òun lè kàwé. Ó lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè dun olùkọ́ náà, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ń kọ ìyẹn sí lórí àtẹ ìdáhùn. Kò gbọ́dọ̀ sọ pé ọ̀rẹ́ òun tó jókòó ti òun kọ ohun kan náà, ó sì gba A. Gbólóhùn yẹn burú jù. Ohun tí olùkọ́ máa kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni bí ọmọ yìí ṣe mọ ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ, ẹni tó wá béèrè máàkì sì lè di ẹni tí wọ́n ń bi léèrè ọ̀rọ̀ jìbìtì ìdánwò. Bẹ́ẹ̀ ni kí ó má sọ pé máàkì mẹ́ta péré ló kù kí òun wọ B. Olùkọ́ mọ ìṣirò yẹn. Ó tún ń jẹ́ kí ó hàn bí ẹni pé B ni ọmọ náà ń wá kiri, kì í ṣe ìdáhùn tó tọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí àwọn tó kọ 40 dípò 60, nítorí wọ́n pọ̀, àwọn náà sì máa ń fẹ́ kọ lẹ́tà. Ẹni tó bá kọ 40, iye k tirẹ̀ yóò jẹ́ 0.0305. Yóò fi ìyẹn wá t½, yóò rí 22.7 ìṣẹ́jú, t90 rẹ̀ yóò sì jẹ́ 75 ìṣẹ́jú. Gbogbo iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yàtọ̀ sí ti olùkọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ṣe àṣìṣe. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ní í máa ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní máàkì ọ̀nà nínú ìpín kejì àti ìkẹta, wọ́n á sì yọ ti ìpín kìíní nìkan. Àwọn mìíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ olùkọ́ àti àtẹ rẹ̀ ni ó wà. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ yìí lè béèrè, ṣùgbọ́n lẹ́tà tirẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé òun ṣe àṣìṣe nínú ìpín kìíní, kí ó tó béèrè bóyá máàkì wà fún ọ̀nà tí òun gbà ṣe ìyókù. Bí ó bá kọ ọ́ bí ẹni pé òun kò ṣe àṣìṣe rárá, olùkọ́ yóò rí 40 yẹn lójú kan náà, yóò sì pa ìwé dé.

Àkókò ṣe pàtàkì, ìdí rẹ̀ sì nìyí. Máàkì tó jáde lọ́wọ́ olùkọ́ máa ń kọjá lọ sí ìpàdé àwọn olùkọ́ ẹ̀ka, láti ibẹ̀ sí ìpàdé fákọ́tì, kí ó tó dé Sẹ́nẹ́ẹ̀tì tí yóò fi òǹtẹ̀ lù ú. Kí ó tó di pé Sẹ́nẹ́ẹ̀tì fọwọ́ sí i, àtúnṣe rọrùn, olùkọ́ lè tọ olórí ẹ̀ka lọ pé òun ti rí àṣìṣe àròpọ̀. Bí Sẹ́nẹ́ẹ̀tì bá ti fọwọ́ sí i, olùkọ́ nìkan kò lè yí i padà mọ́, bó ti wù kí ó fẹ́ ẹ tó. Ó ní láti kọ ìwé, kí ó ṣàlàyé bí àṣìṣe náà ṣe wáyé, kí ẹ̀ka àti fákọ́tì gbé e lọ sókè padà. Olùkọ́ tí kò fẹ́ kí wọ́n máa bi òun ní ìbéèrè lè fi ẹsẹ̀ fà á nílẹ̀. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ tí èsì bá jáde ni kí wọ́n kọ lẹ́tà, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá ń múra àtijáde.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ sì ṣe ẹ̀dà méjì. Kí ó fi ọ̀kan sílẹ̀ ní ọ́fíìsì akọ̀wé ẹ̀ka, kí wọ́n fọwọ́ sí èkejì pẹ̀lú déètì, kí ó sì tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orí ẹ̀rọ ayélujára ni ó ti fi ránṣẹ́, àdírẹ́sì ilé ìwé ni kí ó lò, kí ó má fi í ránṣẹ́ sórí fóònù olùkọ́ ní aago mọ́kànlá alẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ akọ̀wé lásán. Gbogbo wa la ṣì rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 2018, nígbà tí ohùn ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní ẹ̀ka ìṣirò owó ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jáde síta, níbi tí ó ti ń bá akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan dúnàá-dúrà ìbálòpọ̀ nítorí máàkì tí kò tó. Yunifásítì náà lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún náà, Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Òṣogbo sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì ní oṣù Kejìlá. Ní ọdún 2019, iléeṣẹ́ BBC tún gbé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ jáde nípa àwọn olùkọ́ kan ní Yunifásítì Èkó àti ní ilẹ̀ Gánà. Ẹni tó bá ń lọ bá olùkọ́ ní ìkọ̀kọ̀ nítorí máàkì ti gbé ara rẹ̀ sí ibi tí kò ti ní ẹlẹ́rìí. Lẹ́tà tó gba ọwọ́ olùdámọ̀ràn kíláàsì kọjá ní ẹlẹ́rìí, ó sì ń dáàbò bo olùkọ́ tó mọ́ náà, nítorí kò sí ẹni tó lè sọ pé ó gba nǹkan kí ó tó yí máàkì padà. Bí olùkọ́ bá sì fèsì lẹ́tà náà pé kí akẹ́kọ̀ọ́ wá rí òun ní ilé tàbí ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó ti di ọ̀rọ̀ olórí ẹ̀ka nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kẹ́mísírì mọ́.

Ìdáhùn lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Bí kò bá dé, lẹ́tà kejì, tó kúrú, ni kí ó lọ sí ọwọ́ olórí ẹ̀ka, kí ẹ̀dà ti àkọ́kọ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlànà pé kí wọ́n fún olùkọ́ mìíràn ní ìwé náà láti tún un máàkì, wọ́n sì máa ń gba owó fún un. Kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè nípa ìwé ìlànà náà lọ́dọ̀ akọ̀wé fákọ́tì kí ó tó san kọ́bọ̀, kí ó tún béèrè bóyá máàkì lè wálẹ̀ nínú àtúnyẹ̀wò, nítorí bí wọ́n bá tún gbogbo ìwé wò, ohun tí wọ́n fi àánú fún un níbòmíràn lè lọ.

Àwọn òbí kan máa ń sọ pé àwọn yóò gbé yunifásítì lọ sí ilé-ẹjọ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ pé ní ọdún 2005, nínú ẹjọ́ láàrin Magit àti Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Makurdi, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà sọ pé ọ̀rọ̀ fífún akẹ́kọ̀ọ́ ní oyè jẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé yunifásítì, ilé-ẹjọ́ kò sì ní dá sí i. Adájọ́ kò ní jókòó kí ó máa ṣírò k fún ẹnikẹ́ni. Inú ilé ìwé náà ni ọ̀rọ̀ máàkì ń parí sí, ẹni tó sì lè tún un ṣe kíákíá jù ni ẹni tó kọ́kọ́ máàkì rẹ̀, bí wọ́n bá jẹ́ kí ó mọ ojú ìwé tí yóò ṣí.